Ìtò Bọ́ọ̀dù àti Yíyan Rẹ́ńdà fún Júrì Ọdún Ìkẹyìn Nínú Ẹ̀kọ́ Ìyàwòrán-Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ní Òṣogbo máa ń béèrè jù nígbà tí júrì, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn adájọ́ yóò yẹ iṣẹ́ wọn wò, bá ti ń sún mọ́lé. Kí ìdáhùn má baà máa fò láti orí iṣẹ́ kan bọ́ sórí òmíràn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ: ilé iṣẹ́ àdìrẹ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ka orí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí ìhà odò Ọ̀ṣun. Títì wà ní àríwá, odò wà ní gúúsù, ilẹ̀ náà sì fi mítà 4.5 rẹlẹ̀ sí i láàárín mítà 54. Bí a bá ti títì wọlé, gbọ̀ngán àfihàn aṣọ ni a ó kọ́kọ́ bá, mítà 12 ni. Ilé aró tẹ̀ lé e, mítà 13. Àgbàlá ìsáṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀, mítà 15. Ibi tí a ti ń sẹ́ omi aró kí ó tó kúrò lórí ilẹ̀ náà ni ó gba mítà 14 tí ó kù.

Àwòrán mi pọ̀, mi ò sì mọ èyí tí ó yẹ kí ó tóbi jù. Kí ni mo fi máa yàn?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ìbéèrè wo ni adájọ́ tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín yóò kọ́kọ́ bi yín nípa ilé yìí, kí ẹ sì fún àwòrán tí ó dáhùn ìbéèrè náà ní àyè tí ó tóbi jù lórí bọ́ọ̀dù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìbéèrè náà kò fara sin. Àwọn aláró òde òní ń lo kọ́sítíìkì sódà àti háídírósì pẹ̀lú aró wọn, odò Ọ̀ṣun sì wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ náà, odò tí ó gba inú Igbó Ọ̀ṣun kọjá, igbó tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Olùdánwò tí ó bá wá láti ìta yóò wo pùláànù ilẹ̀ yín, yóò rí odò náà, yóò sì béèrè ibi tí omi aró ń lọ.

Pùláànù kò lè dáhùn ìbéèrè yìí tán, nítorí pé ohun tí ó ń gbé omi lọ ni gíga àti ìrẹlẹ̀ ilẹ̀, èyí tí pùláànù kì í fi hàn dáadáa. Rẹ́ńdà, ìyẹn àwòrán tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àti òjìji láti fi bí ilé yóò ṣe rí hàn, kò lè dáhùn rẹ̀ bí ó ti wù kí ó dára tó, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni páìpù wà. Àwòrán tí ó lè dáhùn rẹ̀ ni sẹ́kíṣọ̀n, ìyẹn àwòrán ilé bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ là á láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀. Sẹ́kíṣọ̀n tí ó gùn láti títì dé ibi ìsẹ́ omi yóò fi ìkòkò aró hàn, yóò fi ojú àgbàrá hàn, yóò fi kòtò ìdàrọ̀ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ omi aró ti ń silẹ̀ àti àwọn ewéko tí ń sẹ́ omi hàn, ẹnikẹ́ni yóò sì rí i pé omi ń fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣàn láìlo ẹ̀rọ ìfami. Nítorí náà, sẹ́kíṣọ̀n ni olórí àwòrán lórí iṣẹ́ yìí, gbogbo ohun tí ó kù ni ó sì gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́.

Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ni ó ń fi ìdajì àyè rẹ̀ fún rẹ́ńdà iwájú ilé, tí sẹ́kíṣọ̀n wá kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ní igun kan. Àwọn adájọ́ á yìn rẹ́ńdà náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á lo gbogbo àkókò yòókù láti béèrè ohun tí ó yẹ kí bọ́ọ̀dù ti sọ.

Ṣé sẹ́kíṣọ̀n náà ló gbọ́dọ̀ ṣe olórí nínú gbogbo iṣẹ́?

Rárá o. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ilé ìwòsàn, ọ̀nà tí aláìsàn, dókítà àti àlejò ń gbà láìfara kanra ni ìbéèrè ńlá, pùláànù ni ó sì ń dáhùn rẹ̀. Bí ẹ bá ń tún ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ alárà Bùràsíìlì tí ó wà ní Òṣogbo ṣe, ojú ilé ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí a lè rí ohun tí ẹ dá sí àti ohun tí ẹ fi kún un. Bí ó bá sì jẹ́ ọjà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pùláànù òrùlé àti ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wọlé. Ọ̀nà ìyàn kan náà ni, èsì ni ó yàtọ̀.

Bọ́ọ̀dù mélòó ni kí n lò, báwo sì ni kí n ṣe tò wọ́n?

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ̀ka yín béèrè, nítorí ẹlòmíràn á sọ iye àti ìwọ̀n bébà tí òun fẹ́. Bí wọ́n bá fún yín ní àyè láti yàn, bébà A1 mẹ́rin tí ó dúró lóòró ni mo máa ń dámọ̀ràn fún irú iṣẹ́ yìí. Fífẹ̀ A1 jẹ́ mìlímítà 594, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 841, nítorí náà mẹ́rin tí a tò mọ́ra yóò fẹ̀ tó mítà méjì àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dúró síwájú rẹ̀ láìti ara wọn.

Bọ́ọ̀dù kìíní ni orúkọ iṣẹ́ wà, pẹ̀lú pùláànù ilẹ̀ ní 1:500 àti pùláànù ìsàlẹ̀ ilé ní 1:100. Mítà 54 ní 1:100 jẹ́ mìlímítà 540, ó sì wọ inú 594 pẹ̀lú etí mìlímítà 27 ní ọ̀tún àti ní òsì, ìwọ̀nba tí ó tó láìṣòfò. Bọ́ọ̀dù kejì àti ìkẹta ni sẹ́kíṣọ̀n gbà papọ̀, pẹ̀lú rẹ́ńdà méjì lábẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀dù kẹrin ni ti àwọn kúlẹ̀kúlẹ̀ ní 1:20, irú bí ihò èéfín òrùlé ilé aró àti etí kòtò ìdàrọ̀, àti rẹ́ńdà ojú títì.

Ẹ ò ní láti fi nǹkan kún gbogbo ibi tí ó bá funfun. Òfìfo tí ó wà lókè sẹ́kíṣọ̀n jẹ́ òfuurufú ilé náà, òun ni ó sì jẹ́ kí ìlà òrùlé yọ síta. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ìlà kan ṣoṣo gba inú bọ́ọ̀dù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá: bí orí sẹ́kíṣọ̀n bá wà ní mìlímítà 120 sí etí òkè, kí orí pùláànù ilẹ̀ àti orí rẹ́ńdà bọ́ọ̀dù kẹrin náà wà ní 120. Ojú adájọ́ kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni òun ń wò.

Sẹ́kíṣọ̀n tí ó gba orí bọ́ọ̀dù méjì, ṣé kò ní já sí méjì?

Yóò já bí ẹ kò bá ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ papọ̀. Mítà 54 ní 1:50 jẹ́ mìlímítà 1080. Bọ́ọ̀dù méjì jẹ́ 1188. Ohun tí ó ṣẹ́kù jẹ́ 108, ìyẹn 54 ní etí òsì àti 54 ní etí ọ̀tún. Èyí túmọ̀ sí pé ojú ibi tí bébà méjì ti pàdé bọ́ sí àárín sẹ́kíṣọ̀n gan-an, ní mítà 27 láti títì.

Kí ni ó wà ní mítà 27? Gbọ̀ngán àfihàn parí ní mítà 12, ilé aró parí ní mítà 25, nítorí náà mítà 27 jẹ́ inú àgbàlá ìsáṣọ, mítà méjì kọjá ògiri ilé aró. Lórí bébà, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 40 sí ògiri náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kìkì òfuurufú, ìlà ilẹ̀ àti páìpù abẹ́ ilẹ̀ ni yóò kọjá níbi ìpàdé bébà, kò sí òpó, kò sí ojú ènìyàn, kò sí àkọlé kankan tí yóò gé. Bí ó bá jẹ́ pé ilé aró gùn ní mítà 16, ìpàdé bébà ì bá ti bọ́ sínú rẹ̀, bóyá sórí ìkòkò aró gan-an. Níbẹ̀, ẹ lè ti sẹ́kíṣọ̀n sí òsì tàbí sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé etí mìlímítà 54 yẹn kò lè fún yín ju nǹkan bíi 40 lọ kí àwòrán tó lẹ̀ mọ́ etí bébà, 40 sì jẹ́ mítà méjì péré ní 1:50. Bí mítà méjì kò bá gbà yín, ẹ yí bébà sí ìbú tàbí kí ẹ tẹ sẹ́kíṣọ̀n náà sórí bébà gígùn kan ṣoṣo bí ilé ìtẹ̀wé bá ní bébà rólù.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kì í tẹ̀ dé etí bébà, wọ́n máa ń fi etí funfun díẹ̀ sílẹ̀ yíká. Bí ẹ bá to bọ́ọ̀dù méjì mọ́ra láìgé etí yìí, ìlà funfun yóò dúró ní àárín ilẹ̀ yín bí ògiri tí ẹnikẹ́ni kò kọ́. Ẹ sọ fún atẹ̀wé pé kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí ó tóbi ju A1 lọ, kí ẹ sì fi rúlà irin àti ọ̀bẹ gé e fúnra yín sí ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí àwòrán náà kọjá ojú ibi tí ẹ ó gé pẹ̀lú mìlímítà mẹ́ta, kí ọ̀bẹ tí ó bá yẹ̀ díẹ̀ má baà fi funfun hàn.

Rẹ́ńdà mélòó ló tó, irú wo ni kí n sì ṣe?

Mẹ́ta tó fún iṣẹ́ yìí, mo sì lè sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà. Ẹni tí ó bá wí pé òun ṣe mẹ́wàá, kí ó wo èyí tí adájọ́ kò ní béèrè bí a bá yọ ọ́ kúrò; ó dájú pé yóò rí púpọ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ni ti ojú títì, láti ibi tí ẹni tí ń bọ̀ wá ra aṣọ yóò dúró. Ẹ gbé ojú kámẹ́rà sí mítà 1.6 sókè ilẹ̀, gíga ojú ènìyàn, nítorí pé àwòrán tí a wò láti ojú ẹyẹ kì í sọ bí ilé ṣe rí fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Rẹ́ńdà yìí lè dà bí fọ́tò, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi bí ilé náà ṣe bá àdúgbò mu hàn: pákó, páànù, ilẹ̀ pupa, òrùlé tí ó ti dípẹtà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìkejì ni inú ilé aró. Fún èyí, mi ò fara mọ́ rẹ́ńdà tí ó dà bí fọ́tò. Ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé láti ihò òrùlé àti bí oru àti òórùn aró ṣe ń gòkè jáde. Bí ẹ bá fi àwọ̀ sí gbogbo nǹkan, ojú á máa wo ìgò àti aṣọ, kò ní wo afẹ́fẹ́. Ẹ ṣe é ní funfun àti eérú lásán, bí ilé tí a fi amọ̀ funfun mọ, kí ẹ fi àwọ̀ aró sí inú ìkòkò nìkan. Rẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ yára jáde lára kọ̀ǹpútà, èyí tí ó já mọ́ nǹkan nígbà tí iná kò bá dúró pẹ́.

Ìkẹta ni àgbàlá ìsáṣọ, pẹ̀lú aṣọ lórí okùn àti àwọn ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́.

Sẹ́kíṣọ̀n fúnra rẹ̀ náà ní rẹ́ńdà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ níwọ̀n. Ibi tí ọ̀bẹ gé kọjá ni kí ìlà rẹ̀ nípọn jù, mìlímítà 0.6 tàbí 0.7, ohun tí a rí lẹ́yìn ibi tí a gé jẹ́ 0.25, àmì bíríkì, igi tábìlì àti ewé jẹ́ 0.13. Òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ nínú yàrá tó láti sọ pé yàrá náà jìn. Bí ẹ bá dúró ní mítà méjì sí i tí ẹ kò lè tọ́ka sí ibi tí a gé àti ibi tí a kò gé, rẹ́ńdà ti bo àwòrán mọ́lẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ dín in kù.

Rẹ́ńdà ìrọ̀lẹ́ tí iná ń tàn nínú ilé máa ń wuni. Ṣé ó burú ni?

Kò burú fún ilé tí a ń lò lálẹ́, bíi gbọ̀ngán eré. Ilé aró jẹ́ ilé òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Oòrùn ni ó ń gbẹ aṣọ. Bí ẹ bá ya àgbàlá ìsáṣọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ti mú olórí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kúrò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwòrán ìrọ̀lẹ́ ni ó ń bàjẹ́ jù lórí bébà, nítorí ojú kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde, bébà kì í tan án. Ohun tí ó jẹ́ òkùnkùn tí ó lẹ́wà lójú kọ̀ǹpútà yóò di dúdú biribiri lára ògiri.

Ibo ni kí n jẹ́ kí oòrùn ti wá nínú rẹ́ńdà?

Láti ibi tí ó ti ń wá ní Òṣogbo. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ìdáhùn yìí, nítorí pé ibí ni ọ̀pọ̀ rẹ́ńdà ti ń purọ́ láìmọ̀. Àwọn ètò ìyàwòrán lórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń wá pẹ̀lú ìlú òkèèrè kan tí a ti yàn sínú wọn, ìlú tí ó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń wá láti gúúsù láti January dé December. Bí ẹ kò bá yí i padà, ògiri àríwá yín yóò máa wà nínú òjìji ní gbogbo ọ̀sán, ẹ ó sì fi ìgboyà sọ fún àwọn adájọ́ pé ògiri náà kò nílò ìbòòji.

Òṣogbo wà ní nǹkan bíi dígírì 7.77 ní àríwá àti dígírì 4.56 ní ìlà-oòrùn. Ẹ tẹ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ètò náà, kí ẹ sì rí i pé aago rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà, `UTC+1`. Ní ìlú wa, oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní ìhà àríwá láti nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ó sì máa ń wà ní ìhà gúúsù ní ìyókù ọdún. Ní 21 oṣù Kẹfà, gíga rẹ̀ ní ọ̀sán gangan tó nǹkan bíi dígírì 74 láti àríwá. Ní 21 oṣù Kejìlá, ó jẹ́ nǹkan bíi 59 láti gúúsù. Ọ̀sán gangan yìí kì í bọ́ sí aago méjìlá. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago méjìlá ni oòrùn ń ga jù ní Òṣogbo, nítorí aago orílẹ̀-èdè wa bá ibi tí ó wà ní ìlà-oòrùn wa mu.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún àpẹẹrẹ wa. Bí ògiri ilé aró bá ga ní mítà 7, òjìji rẹ̀ ní ọ̀sán oṣù Kẹfà yóò bọ́ sí gúúsù, yóò sì gba mítà méjì nínú àgbàlá ìsáṣọ. Ní oṣù Kejìlá, òjìji náà yóò bọ́ sí àríwá, gbogbo àgbàlá yóò sì gba oòrùn ní ọ̀sán. Nítorí náà, kí okùn ìsáṣọ má ṣe bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di mítà méjì ààbọ̀ sí ògiri, àwòrán yín sì lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí abẹ́ rẹ́ńdà náà ní ìlà kan: «Àgbàlá ìsáṣọ, 21 oṣù Kejìlá, aago mẹ́wàá òwúrọ̀». Mo fẹ́ràn aago mẹ́wàá nítorí pé oòrùn ti dá sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, òjìji rẹ̀ sì ń jẹ́ kí a mọ ohun tí ó jinlẹ̀ àti ohun tí ó yọ síta. Oòrùn ọ̀sán máa ń sọ ojú ilé di pẹrẹsẹ.

Àwọ̀ wo ni kí n lò?

Ìwọ̀nba. Nínú àpẹẹrẹ wa, gbogbo àwòrán jẹ́ dúdú, eérú àti funfun, àwọ̀ méjì péré ni a sì fi kún un: pupa ilẹ̀ fún ilẹ̀ tí a gé nínú sẹ́kíṣọ̀n, àti àwọ̀ ẹ̀lú fún aró àti omi rẹ̀. Bí omi ṣe ń kúrò nínú ìkòkò tí ó ń gba inú kòtò ìdàrọ̀ lọ sáàárín ewéko, kí àwọ̀ náà máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi parẹ́. Kí ẹni tí ó dúró lókèèrè lè fi ojú tẹ̀ lé e láìka ọ̀rọ̀ kankan. Bí ẹ bá wá fi àwọ̀ ẹ̀lú kan náà kun àkọlé, ojú ọ̀run àti aṣọ ènìyàn, kò ní sọ nǹkan kan mọ́.

Àwọ̀ yìí gan-an ni ó nira jù láti tẹ̀. Aró dúdú tí ó jọjú lórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń jáde bí àwọ̀ elése àlùkò lórí bébà, nítorí pé ìnkì búlúù tí a ń pè ní C àti ìnkì pupa tí a ń pè ní M ni a fi ń pò ó, bí èkejì bá sì sún mọ́ èkíní jù, pupa á borí. Ẹ jẹ́ kí ìnkì búlúù fi ó kéré tán ìdá 30 nínú 100 ju ìnkì pupa náà lọ. `C100 M90` yóò di elése àlùkò. `C100 M60 Y10 K20` yóò dúró bí aró. Ẹ̀rọ kò dọ́gba, nítorí náà ìdánwò orí bébà nìkan ni ó lè fi ọkàn yín balẹ̀.

Irú ènìyàn àti igi wo ni kí n fi sínú rẹ́ńdà?

Àwọn tí ẹ lè rí ní Òṣogbo. Àwòrán àwọn òyìnbó tí wọ́n wọ kóòtù òtútù, tí wọ́n ń fa ajá kiri níwájú ilé aró, ń jẹ́ kí adájọ́ rò pé a kò tíì bẹ ilẹ̀ náà wò rí. Ẹ lọ sí ibi tí a ti ń ṣe àdìrẹ ní ìlú wa, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń ṣe é, kí ẹ sì ya wọn láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn: ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò, ẹni tí ó na ọwọ́ sókè láti gbé aṣọ lé okùn, ẹni tí ó jókòó lórí àpótí tí ń fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Ìdúró wọn ń sọ gíga okùn, gíga ìjókòó àti àyè tí ó yẹ láàárín ìkòkò méjì, tí àwòrán òfìfo kò lè sọ.

Bákan náà ni ti igi. Máńgòrò, dóńgóyárò, ọ̀pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi wọ́n sí ibi tí wọ́n wà ní tòótọ́ lórí ilẹ̀ náà. Igi tí a fi bo igun ilé tí kò tíì yanjú kì í pẹ́ kí wọ́n tó tú àṣírí rẹ̀.

Báwo ni kí lẹ́tà tóbi tó?

Orúkọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣeé kà láti mítà mẹ́ta, nítorí náà ẹ má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ póíǹtì 80. Orúkọ àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ 28 tàbí 30, àlàyé kúkúrú sì jẹ́ 18. Fọ́ǹtì kan tó. Bí orúkọ Yorùbá bá wà nínú àkọlé yín, bíi Ọ̀ṣun, ẹ wò ó dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ fáìlì di PDF, nítorí fọ́ǹtì mìíràn kì í ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn, á sì fi àpótí kékeré rọ́pò lẹ́tà.

Síkéèlì mi kò péye lẹ́yìn tí a tẹ̀ ẹ́. Kí ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kí atẹ̀wé ti tẹ `Fit` dípò `100%` tàbí `Actual size`, tí ẹ̀rọ náà sì fún àwòrán yín kí ó lè wọ inú etí bébà. Ẹ fi ìlà ìwọ̀n sí abẹ́ gbogbo àwòrán, kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: mítà 5 ní 1:50 gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 100 gẹ́lẹ́. Bí ó bá jẹ́ 97, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀. Adájọ́ tí ó mú rúlà síkéèlì wá lápò wà dáadáa.

Báwo ni kí rẹ́ńdà ṣe tóbi tó kí ó má baà ṣú lójú, ìgbà wo ni kí n sì lọ tẹ̀ ẹ́?

Bọ́ọ̀dù tí a ń wò láti mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò nílò ju píksẹ́lì 150 lọ nínú íńṣì kan. Rẹ́ńdà tí yóò fẹ̀ ní mìlímítà 520 lórí bébà nílò nǹkan bíi píksẹ́lì 3100 ní fífẹ̀. Ohun tí ó dín sí ìdajì ìyẹn yóò ṣú. Ohun tí ó jù ú ní ìlọ́po méjì yóò kàn jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ mọ́jú lásán. Àwọn ìlà sẹ́kíṣọ̀n ní tiwọn kò gbọ́dọ̀ di fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró bí ìlà nínú PDF, kí ẹ sì gbé òjìji àti àwọ̀ sí abẹ́ wọn, ìlà náà á sì mú bí ó ti wù kí bébà tóbi tó.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí àwọ̀ yín lórí bébà jẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú júrì. Lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ gé apá tí ó ṣókùnkùn jù nínú rẹ́ńdà yín àti apá tí ẹ̀lú wà nínú sẹ́kíṣọ̀n, ẹ kó wọn sórí A4 kan ní ìwọ̀n tí wọn yóò ní gan-an, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ àti irú bébà kan náà tí ẹ ó lò fún bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e síta sínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ. Bí ẹ kò bá rí ojú ẹni tí ó dúró lábẹ́ ìgbátí òrùlé, ẹ mú ibi tí ó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe mú gbogbo àwòrán mọ́lẹ̀, nítorí ojú ọ̀run á parẹ́. Bébà tí kò dán ni mo yàn, nítorí pé iná inú gbọ̀ngán kì í kọ mànà lára rẹ̀.

Kí ni kí n yẹ̀ wò lẹ́yìn tí mo bá ti gbé bọ́ọ̀dù kọ́ ògiri?

Ẹ gbé e kí àárín sẹ́kíṣọ̀n wà ní nǹkan bíi mítà 1.5 sókè ilẹ̀, gíga ojú ẹni tí ó dúró. Bí ògiri bá kún tí wọ́n ní kí ẹ gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n fún àyè mìíràn, nítorí ìlà 0.13 kò ṣeé rí láti ìsàlẹ̀. Ẹ wo ìpàdé bọ́ọ̀dù kejì àti ìkẹta bóyá ìlà ilẹ̀ bá ara rẹ̀ mu, bí ó bá yẹ̀ ju mìlímítà kan lọ, ẹ tú ọ̀kan kí ẹ tún un lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọ̀rẹ́ kan láti ẹ̀ka mìíràn tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín, ẹ má ṣe ṣàlàyé, ẹ kàn ní kí ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀nà tí omi aró gbà láti inú ìkòkò dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti dúró ni ó ṣeé ṣe kí àwọn adájọ́ ti dá yín dúró pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín bẹ̀rẹ̀.